Rédíò Tó Ń Kùn Tí Kò Sọ̀rọ̀: Bí Èmi àti Ìyá Àgbà Ṣe Jí Asọ̀rọ̀mágbèsì Ilé Wa

Ìyá àgbà kì í pè é ní rédíò. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é, bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe ń pè é láti ìgbà tó jẹ́ àpótí kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí yóò máa sọ tirẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè dá a lóhùn. Ti ilé wa ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta kì í ṣe ti ara ògiri. Bàbá àgbà ló rà á lọ́dún 1977, ọdún Fẹ́sítáàkì. Àpótí pákó ni, ó fẹ̀ tó ìrọ̀rí, ó ní aṣọ aláwọ̀ erùpẹ̀ níwájú sípíkà, bọ́tìnnì bíi mélòó kan, àti èyí tó tóbi jù tí wọ́n fi ń yí abẹ́rẹ́ orí díìlì. Ó ń lo iná, ó sì ń lo òkúta bátìrì ńláńlá mẹ́fà.

Lẹ́yìn tí Bàbá àgbà kú ló dákẹ́. Wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi àdìrẹ tó ti ṣá bò ó, ológbò sì sọ ọ́ di ibùsùn. Fóònù ni èmi ń tún ṣe ní Pánsẹ́kẹ́, ṣùgbọ́n rédíò ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́ kí fóònù tó gba gbogbo tábìlì wa. Ní Sátidé kan tí mo délé, mo bá a pé wọ́n ti gbé e wálẹ̀, wọ́n ti nù ún, wọ́n sì ti ki okùn rẹ̀ bọ iná.

"Àjàní, kò kú. Wá gbọ́ bó ṣe ń mí."

Mo gbọ́ ọ lóòótọ́: hùn-ùn-ùn-ùn, bí oyin nínú ihò igi. Mo yí abẹ́rẹ́ láti òpin kan dé òpin kejì, kò sí ohùn ènìyàn, kò sí orin. Ó ń kùn ṣáá ni.

Ohun tí mo sọ fún wọn ni kí a kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú iná. Rédíò tó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún kò yẹ kí á dédé ki bọ iná kí a tó wo inú rẹ̀. Eku lè ti jẹ okùn, erùpẹ̀ lè ti dì, aáyán lè ti sọ ibẹ̀ di ilé. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì akunlé tó rọ̀ gbọn ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, mo wo okùn iná láti orí dé ìdí bóyá ó ti là. Kò là. Ohun kejì tí mo wò ni pé ṣé tirasísítọ̀ ló wà nínú rẹ̀ àbí fáàfù, ìyẹn àwọn ìgò gíláàsì tó máa ń tàn yòò bíi gílóòbù kékeré. Bí ẹ bá tú rédíò tí ẹ rí ìgò gíláàsì, ẹ dé e padà, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Iná inú irú èyí máa ń ju fóòtì 200 lọ, ó sì lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ okùn. Ó ti ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lulẹ̀ rí. Tiwa, tirasísítọ̀ ni. Ohun tó léwu nínú rẹ̀ kò ju ibi tí okùn iná ti wọlé dé ara tiransifọ́mà, irin wúwo tí wọ́n wé wáyà yí ká. Lẹ́yìn tiransifọ́mà, iná tó kù kò ju ti bátìrì ọ̀kadà lọ. Nítorí náà òfin tí mo fi sílẹ̀ nínú ilé ni pé nígbàkígbà tí ọwọ́ mi bá wà nínú rẹ̀, òkúta nìkan ni yóò máa lò.

Iṣẹ́ tó kàn kò gba irinṣẹ́ kankan, etí nìkan ló gbà. Ẹ dé ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ki okùn bọ iná padà, kí ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí kíkùn náà ti ń wá. Rédíò méjì lè máa kùn báyìí kí àìsàn wọn má sì jọra rárá. Nínú ọ̀kan, tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n lẹ́yìn àpótí, sípíkà kò sọ nǹkan kan. Nínú èkejì, inú sípíkà gan-an ni kíkùn ti ń jáde. Ìyá àgbà ló yanjú èyí kí n tó lanu. Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí aṣọ sípíkà, wọ́n ní, "Ibí ló ti ń wá. Ó ń rìn mí lọ́wọ́." Mo fi etí mi sí i, òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ti ń wá tí sípíkà dákẹ́ pátápátá, ojú ihò tí wọ́n ń ki ìgbọ́hùn etí sí ni mo máa kọ́kọ́ wò, nítorí irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó máa ń gé sípíkà kúrò bí a bá ki ìgbọ́hùn bọ̀ ọ́. Bí irin yẹn bá ti dípẹtà, kò ní so ó padà mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa dán sípíkà wò: ẹ tú wáyà rẹ̀ kan, ẹ fi òkúta kan ṣoṣo kàn án lórí ẹsẹ̀ méjèèjì fìrí. Bó bá wà láàyè, ẹ máa gbọ́ "tà". Bí kò bá dún rárá, ó ti kú nìyẹn.

Tiwa kò gba gbogbo ìyẹn. Kíkùn tó ń ti sípíkà jáde ti jẹ́rìí gbe ọ̀pọ̀ nǹkan: fíúùsì kò jó, tiransifọ́mà ń ṣiṣẹ́, sípíkà wà láàyè, àwọn tirasísítọ̀ ìparí tó ń gbé ohùn fún un náà sì ń gba iná. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ti rí ẹni tó lọ ra sípíkà tuntun fún rédíò tó ń kùn. Owó ṣòfò.

Ìbéèrè kejì: tí ẹ bá yí fólúùmù wálẹ̀ pátápátá, ṣé kíkùn náà ń lọ sílẹ̀? Mo yí tiwa wálẹ̀ dé òpin, kò yí padà. Mo yí i sókè, bákan náà ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn fólúùmù ni kíkùn ti ń wọlé, kò gba ẹnu ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Bó bá jẹ́ pé ó ń tẹ̀lé fólúùmù ni, wáyà tó já lára fólúùmù tàbí níwájú rẹ̀ ni mo máa máa wá. Èyí tí kò bá tẹ̀lé fólúùmù, níbi tí rédíò ti ń sọ iná ilé di iná tó lè lò ni kí ẹ wò.

Ìyá àgbà béèrè pé kí ló dé tí iná yóò máa kùn. Iná ilé wa kì í ṣàn bí odò, ó ń lọ ó ń bọ̀ ni, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn dáyóòdù mẹ́rin inú rédíò máa ń yí gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bọ̀ ní wìtìwìtì, ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá. Kàpásítọ̀ ńlá kan ló wà lẹ́yìn wọn tó ń gbà á, tó sì ń tú u jáde ní dọ́gbadọ́gba. Inú rẹ̀ ní omi kan, bí ọdún bá ti pọ̀, omi yẹn a gbẹ. Kò ní lè gba iná dúró mọ́, gbogbo wìtìwìtì yẹn a sì lọ tààrà sínú sípíkà. Òun là ń gbọ́ bíi hùn-ùn.

"Àmù tó ti ń jò nìyẹn," ni wọ́n wí. "Bí ẹni tó ń pọnmi bá dúró, ilé ti gbẹ."

N ò rí àlàyé tó dára ju ìyẹn lọ, òun náà ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kàpásítọ̀ gbígbẹ a máa mú rédíò kùn, kì í sábà pa á lẹ́nu mọ́. Rédíò tí òun nìkan bá ń ṣe yóò máa kùn, ẹ ó sì máa gbọ́ ìròyìn lábẹ́ kíkùn náà. Tiwa kò sọ ohunkóhun. Ibẹ̀ ni mo ti fura pé àìsàn méjì ló ń bá a jà, òkúta la sì fi mọ̀.

Òkúta kì í gba ọ̀dọ̀ tiransifọ́mà tàbí dáyóòdù kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kì í wìtìwìtì. Bí ẹ bá fi òkúta sí i tí kíkùn bá lọ, ẹ ti mọ̀ dájú pé ọ̀nà iná ilé ló ń kùn. Mẹ́fà ni tiwa, fóòtì kan àtààbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ jẹ́ fóòtì 9. Ilé òkúta náà ti dípẹtà láti ara àwọn òkúta àtijọ́ tó jò sínú rẹ̀, irin sípírìngì rẹ̀ ní ìyẹ̀fun funfun àti àwọ̀ ewé. Mo fi sáńpépà kékeré ha á títí irin fi dán, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ohun tó máa ń rú ènìyàn lójú níbí ni pé nínú ọ̀pọ̀ rédíò irú èyí, bí ẹ bá ti ki okùn iná bọ ẹ̀yìn rédíò, ó ti gé òkúta kúrò nìyẹn. Kò tó kí ẹ yọ okùn lára ògiri, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lẹ́yìn rédíò fúnra rẹ̀.

A tàn án. Kíkùn lọ pátápátá. Mo fi etí sí sípíkà, mo gbọ́ ṣíì kan tó tín-ín-rín, bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn láti yàrá kejì. Kò sí ohùn.

Ó wá kù kí n mọ ibi tí ohùn ti ń dúró lójú ọ̀nà. Láti ibi tí rédíò ti ń gba ohùn látọ̀run títí dé sípíkà, fólúùmù ló wà ní agbedeméjì, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kí n lè ju ìdajì iṣẹ́ nù lẹ́ẹ̀kan náà. Fólúùmù ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́. Ẹ gbé fólúùmù sókè dé ìdajì, ẹ mú sùkúdíráfà tín-ín-rín, kí ìka yín kan irin rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ọwọ́ rọ́bà rẹ̀, kí ẹ wá fi orí rẹ̀ kan ẹsẹ̀ àárín. Òkúta nìkan ni kó máa lò o, mo tún un sọ. Ara ènìyàn máa ń kó iná wáyà ilé láti inú afẹ́fẹ́, tí ẹ bá fi kan ibẹ̀, sípíkà gbọ́dọ̀ bú "kùùù". Bó bá bú, gbogbo nǹkan láti fólúùmù dé sípíkà dára, iwájú ni àìsàn wà. Bí kò bá bú, ẹ̀yìn ni kí ẹ wá a sí.

Mo fi kàn án, ó kàn dún "tà, tà" ni. Kò bú. Mo ní ó parí, tirasísítọ̀ agbóhùnsókè ti kú, mo ti ń ronú ibi tí mo ti máa rí irú rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣe é mọ́. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ jẹun. Ìgbà tí iná dé tí gbogbo àdúgbò pariwo ni mo rántí: iná ti lọ kí n tó fi sùkúdíráfà kàn án! Kò sí iná nínú wáyà ògiri, kí ni ara mi fẹ́ kó? Mo padà sídìí rẹ̀, mo fi sùkúdíráfà kan ẹsẹ̀ àárín lẹ́ẹ̀kan sí i, sípíkà bú débi tí ológbò fi sá jáde. Nítorí náà, ẹ má fi ìka dán rédíò wò nígbà tí kò bá sí iná ládùúgbò. Bó bá dún "tà" pàápàá, ó ti ní ẹ̀mí.

Ẹ̀yìn fólúùmù dára, iwájú ni ohùn ti ń dúró. Iwájú yìí ni mo bẹ̀rù jù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn àpótí irin kéékèèké onígun mẹ́rin wà, tí wọ́n ní ojú pupa, yẹ́lò, funfun tàbí dúdú lórí, tí ojú náà sì ní ìlà bíi ti sùkúrù. Ẹ má fi sùkúdíráfà kàn wọ́n. Wọ́n jọ sùkúrù, wọn kì í ṣe sùkúrù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe rédíò náà ló ti fi ẹ̀rọ wọn wọ́n sí ibi tó yẹ, ẹni tó bá yí wọn láìní ẹ̀rọ yẹn yóò sọ rédíò tí àìsàn kan ń ṣe di èyí tí kò ní gbọ́ ibùdó kankan mọ́. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé "mo gbìyànjú rẹ̀ díẹ̀", ó kéré tán mẹ́ta ni wọ́n ti yí àwọn nǹkan yìí.

Mo ń wo inú rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ ni mo rí bébà kan. Ó kéré, wọ́n ká a ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó ti pọ́n bíi ewé gbígbẹ, ó sì wà nísàlẹ̀ àpótí lábẹ́ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí láti ẹ̀fú-ẹ́ẹ̀mù sí mídíọ̀mù àti ṣọ́ọ̀tì. Mo gbé e sókè.

"Ìyá àgbà, kí nìyí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwé tí mo fi ń há a nìyẹn. Kí bàbá àgbà ẹ tó kú ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá yí i, ohùn á lọ, bí mo bá fi ìwé há a, ohùn á dé. Nígbà tó yá, ìwé ọ̀hún náà kò ràn án mọ́."

Látàárọ̀ ni mo ti ń fi etí àti sùkúdíráfà wá ohun tí wọ́n mọ̀ láti ọdún gbọọrọ. N kò bi wọ́n ni. Nísinsìnyí, kí n tó tú rédíò oníbàárà kankan, mo ń béèrè bó ṣe ń ṣe lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn tó fi sọ̀rọ̀: ṣé ó dákẹ́ lójijì, ṣé ó ń lọ ń bọ̀, ṣé ẹ máa ń gbá a kó tó sọ̀rọ̀? Èyí tó ń lọ ń bọ̀, tí gbígbá tàbí títẹ̀ ń ràn lọ́wọ́, ibi tí irin ti ń kan irin ló sábà máa ń jẹ́: bọ́tìnnì, fólúùmù, tàbí lẹ́ẹ̀dì tó ti là.

Bọ́tìnnì ìyípadà yìí jẹ́ ọ̀pá pẹlẹbẹ tó ń sún lọ sún bọ̀, tó ní eyín irin kéékèèké tó ń há mọ́ ara wọn. Fàdákà ni wọ́n fi kun eyín wọ̀nyẹn, fàdákà sì máa ń dúdú bí afẹ́fẹ́ àti èéfín bá ti ń fẹ́ lù ú fún ọdún púpọ̀, bí ẹ̀gbà ọwọ́ tí a kò lò. Dúdú yẹn kì í jẹ́ kí ohùn tó kéré kọjá. Fólúùmù lè dára, sípíkà lè dára, ohùn ti kú síbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Omi ìfọ̀ ẹ̀rọ tó wà nínú agolo tí wọ́n ń fọ́n ni mo lò, irú tí a ń lò fún fóònù. Bí ẹ kò bá rí i, sípírítì ìfọ̀ pátákó fóònù tó mọ́ lè ṣe é. Ẹ má lo kẹrosíìnì, ẹ má sì lo òróró ìpa-ìpẹtà tí àwọn mẹkáníìkì ń fọ́n sí nọ́ọ̀tì. Ọ̀rá rẹ̀ á kù síbẹ̀, á máa kó eruku, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á tún burú ju ti tẹ́lẹ̀. Mo yọ òkúta. Mo ki páìpù tín-ín-rín ẹnu agolo sínú ihò ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì náà, mo fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì sún bọ́tìnnì náà lọ sún un bọ̀ ní ìgbà ọgbọ̀n. Sísún yẹn ló ń ha dúdú náà kúrò, omi kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Omi dúdú ṣàn jáde bíi ti aró. Mo fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kejì, mo tún sún un. Mo ṣe bákan náà fún fólúùmù, mo yí i láti ìdí dé orí ní ogún ìgbà. Ẹ ṣọ́ra kó má ta sí ara okùn tín-ín-rín tó ń fa abẹ́rẹ́ díìlì, nítorí bí okùn yẹn bá rọ̀, yóò máa yọ̀, abẹ́rẹ́ kò sì ní rìn. Ìdajì wákàtí la fi jẹ́ kó gbẹ.

Nígbà tí a dá òkúta padà, Ìyá àgbà ló tàn án. Wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan díìlì. Wọ́n yí i díẹ̀díẹ̀ láti òsì, ṣíì náà ti wá nípọn báyìí, bí òjò lórí páànù. Èyí pàápàá jẹ́ àmì, nítorí rédíò tí iwájú rẹ̀ dára kì í dákẹ́ láàárín ibùdó méjì, ó máa ń ṣíì. Ó dé 90.5, ohùn OGBC, rédíò ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, já wọlé, ẹnì kan ń ka ìkéde òkú. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè kí n má sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ ìkéde náà tán, wọ́n gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n gbọ́ ẹ̀kẹta. Ó ní ẹni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀.

Kàpásítọ̀ ló wá kù. Bí ẹni tó bá tún tiyín ṣe bá fẹ́ fi í sílẹ̀ kí ẹ máa fi òkúta gbọ́ ọ, ẹ rántí pé òkúta ńlá mẹ́fà ti di owó gọbọi. A ki okùn iná bọ̀ ọ́: OGBC ń sọ̀rọ̀, hùn-ùn náà sì bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ ìlọta.

Mo yọ okùn. Kàpásítọ̀ náà rọrùn láti mọ̀, òun ló tóbi jù nínú gbogbo agolo roboto, ó sì wà nítòsí dáyóòdù mẹ́rin. A kọ 1000 µF àti 16 V sí i lára. Nígbà tí ẹ bá ń ra tuntun, nọ́ńbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba tàbí kó lé díẹ̀. Èkejì, ti fóòtì, kò gbọ́dọ̀ dín rárá, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Mo ra 1000 onífóòtì 25. Tuntun kéré tó ìdajì ti àtijọ́, kí ìyẹn má dẹ́rù bà yín, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn.

Kí n tó jó ohunkóhun, mo dán an wò. Okùn ṣì wà níta, mo fi wáyà ẹlẹ́nu ọ̀nì méjì so tuntun mọ́ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ki okùn padà láìfọwọ́ kan inú rẹ̀, mo tàn án. Kíkùn náà pa ẹnu mọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá dín kù, kàpásítọ̀ yẹn kọ́ ló ń dá a lóró, dáyóòdù tàbí òmíràn ni, kò sì sí ìdí láti fi irin gbígbóná kan pátákó àtijọ́ lásán.

Ẹ kíyè sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kàpásítọ̀ irú èyí ní ẹsẹ̀ tó gba iná àti ẹsẹ̀ tó jẹ́ ti ilẹ̀. Ìlà funfun tàbí eérú tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, tó ní àmì àyọkúrò, ló ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sí òdì, ó lè wú, kó sì bẹ́ lójú rẹ̀. Mo fi fóònù ya àwòrán ti àtijọ́ kí n tó yọ ọ́, ó sì dára tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìlà ti àtijọ́ wà ní òkè, mo ti gbé tuntun dání pẹ̀lú ìlà rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kí n tó wo àwòrán. Mo fi irin ìjólẹ́ẹ̀dì onígbọ̀n wáàtì yọ́ lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀rẹ́ bàbà abẹ́ pátákó ìgbà yẹn kì í fara da ooru púpọ̀, á ṣí kúrò bí èèpo àlùbọ́sà. Àtijọ́ ni mo yọ dànù o, n kò fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Iná lè gba inú èyí tó ti gbẹ kọjá tààrà lọ́jọ́ kan, kó sì jó dáyóòdù mọ́ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo dé ẹ̀yìn rẹ̀ padà, a tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo yọ okùn, mo tú u, mo fi ẹ̀yìn ìka kan tiransifọ́mà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró, tàbí tó ń rùn bíi pọ́líìṣì tó ń jó, ẹ má tàn án mọ́.

Àwọn ohun méjì kan wà tí kò ní ṣe, kò sì jẹ́ àìsàn. Díìlì ẹ̀fú-ẹ́ẹ̀mù rẹ̀ dúró ní 104. Ọ̀pọ̀ rédíò ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn ibùdó Abẹ́òkúta tó wà ní 107 kò lè wọ inú rẹ̀, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Èkejì ni mídíọ̀mù. Ìyá àgbà yí i síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, wọ́n bá ìdákẹ́jẹ́ àti ariwo pàràpàrà, wọ́n ní n kò tíì tún un ṣe tán. Ibùdó tó ń lo mídíọ̀mù lọ́dọ̀ wa ti dín kù púpọ̀. Mo ní kí wọ́n dúró dalẹ́, nítorí ní ọ̀sán ilẹ̀ nìkan ni ohùn mídíọ̀mù ń tọ̀, kì í jìnnà, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ojú ọ̀run á máa dá a padà sílẹ̀ láti ibi tó jìn. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án a yọ gbogbo ṣájà fóònù àti gílóòbù LED kúrò nínú iná, nítorí àwọn ló ń ṣe ariwo pàràpàrà yẹn. Mo yí àpótí náà díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń wá ojú ọ̀nà. Ọ̀pá dúdú inú rẹ̀ ló ń gba mídíọ̀mù, ibi tó bá kọjú sí ló ń gbọ́ jù. Ní òpin díìlì, ní 1566, ibùdó kan wọlé láti Pàrákù ní Bẹ̀nẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ìgbì.

"Àtọ̀nà jínjìn," ni Ìyá àgbà wí.

Lọ́jọ́ kejì mo fẹ́ da bébà yẹn nù pẹ̀lú kàpásítọ̀ àtijọ́. Wọ́n gba bébà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin bó ṣe wà, wọ́n sì fi í sábẹ́ rédíò.